Fọ́tò ìwé ìdánwò tí etí rẹ̀ gé: èwo ló ṣeé ṣe, èwo ni kò ṣeé ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ìjàpọ̀ níbí ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ọmọbìnrin mi sì wà ní SS3. Ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ tí wọ́n pín ìwé mọ́ọ̀kì máàsì tí wọ́n ti ṣe padà, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ya ojú ìwé kan fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ìbéèrè márùn-ún ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ti gé, ìsàlẹ̀ náà ti gé. Tíṣà wọn ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọmọ mi ní òun á kàn fi nọ́ńbà tó bá wu òun dí àlàfo náà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, sà? Mo fi fọ́tò náà mọ́ ọn.

Ìdáhùn: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò dáa kó fi nọ́ńbà tó bá wù ú dí i, ṣùgbọ́n kó má tìtorí pé etí ìwé gé kó pa gbogbo ìbéèrè náà tì. Mo ti wo fọ́tò náà fínnífínní. Púpọ̀ nínú ohun tó gé níbẹ̀ ló fi ìpasẹ̀ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n tilẹ̀ gé, wọn kò pa ìdáhùn lára rárá. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i, àfi ká rí ìwé fúnra rẹ̀.

Kó tó mú bírò, kó tẹ fọ́tò náà kó ṣí tán lójú fóònù. Bí fọ́tò bá gùn, WhatsApp kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn láàárín ọ̀rọ̀ téèyàn ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, apá kan rẹ̀ ló máa ń hàn títí èèyàn á fi tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi gé lóòótọ́, mo ti ṣí i tán. Lẹ́yìn ìyẹn, kó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló gé e nígbà tó fẹ́ fi í ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà fóònù ló fi yà á, tó wá gé e nínú WhatsApp, ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ nìkan ló gé, èyí tó kọ́kọ́ yà ṣì wà lódindi nínú fóònù tirẹ̀, wàhálà sì tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí òjìji ọwọ́ lápá ọ̀tún ìwé náà, ó sì jọ pé bó ṣe dá fóònù sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó ń yà á ni etí ìwé kò fi wọlé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó wà lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní lésìn láti kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n wọn ohun tó gé. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wo àlàfo bí ohun tí kò ní òpin, bẹ́ẹ̀ ó ní ìwọ̀n. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé kí a wá ọ̀rọ̀ kan tó gé létí ìwé, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kàwé dé SS3 tí kò ní mọ bó ṣe parí. Lójú ìwé tiyín, irú rẹ̀ wà ní ìlà kìíní ìbéèrè 50. Lẹ́tà mẹ́rin ló bá etí ìwé lọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ìlà tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó bá a lọ tààrà, tó fi hàn pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wọn. Ìwọ̀n ohun tó gé níbẹ̀ yẹn kò ju ààyè lẹ́tà mẹ́rin lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún wà lókè àtẹ tó wà nínú ìbéèrè tíọ́rì àkọ́kọ́, lẹ́tà mẹ́fà ló sì gé níbẹ̀. Ẹ rí i pé ó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí fóònù bá dagun. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n òkè wọn ìsàlẹ̀: ìlà tó bá sún mọ́ ibi tí a fẹ́ mọ̀ ni kí a fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìbéèrè 48. Èmi á máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n ní kí a wá iye x, ohun tó sì hàn ni èyí:

```
x² − 5x +
```

Lẹ́yìn àmì àròpọ̀ yẹn ni ìwé gé. Orí ire ni pé wọ́n to ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn lápá òsì, wọn kò tò wọ́n sí ìlà kan ṣoṣo, nítorí náà gbogbo wọn ló hàn: A ni 1 àti 6, B ni 2 àti 3, C ni −1 àti 6, D ni −2 àti −3.

Ọmọ yín ti mọ̀ láti SS1 pé nínú irú ìdọ́gba báyìí, bí a bá ro iye méjèèjì tí x lè jẹ́ pọ̀, ohun tí a máa rí ni nọ́ńbà tó wà níwájú x, kí a yí àmì rẹ̀ padà. Níbí, 5 ni. Kó ro ìdáhùn kọ̀ọ̀kan pọ̀. A jẹ́ 7, ó ti jáde. D jẹ́ −5, òun náà ti jáde. B jẹ́ 5, C náà jẹ́ 5. Ó ku méjì. Bí a bá sì sọ iye méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, a ó rí nọ́ńbà tó dá dúró nígbẹ̀yìn. Ti B jẹ́ 6, ti C jẹ́ −6. Àmì àròpọ̀ ló sì hàn lójú ìwé kó tó gé, kì í ṣe àmì ìyọkúrò. Nítorí náà B ni, ohun tó gé sì ni `6 = 0`. Bó bá wọ̀n ọ́n, á rí i pé ó bá ààyè lẹ́tà mẹ́rin yẹn mu. Nọ́ńbà oníbejì bíi 14 kò ní rí ibi jókòó sí níbẹ̀ pẹ̀lú àmì dọ́gba àti òdo.

Nǹkan kan wà níbí tí mo fẹ́ kó ṣàkíyèsí, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ṣe ìṣirò àti ẹni tó ro ó já. Mo ti gbà á láìwí pé òdo ló wà lẹ́yìn àmì dọ́gba. Òdo kò hàn lójú ìwé. Bó bá jẹ́ pé `+ 2 = 8` ni wọ́n kọ, tí a bá kó 8 wá sápá òsì, −6 ni yóò kù, ìdáhùn á sì di C. Ààyè tí ìyẹn náà yóò gbà kò yàtọ̀. Èmi gbà pé òdo ni, torí bí àwọn tíṣà ṣe máa ń kọ irú ìbéèrè yìí fún yíyàn nìyẹn. Síbẹ̀ mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe máa hàn nínú ìwé rẹ̀ rèé:

```
48.  x² − 5x + [6 = 0]
     (x − 2)(x − 3) = 0
     x = 2 tàbí x = 3      B
```

Kó wá kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ pé ohun tó wà nínú àmì `[ ]` gé nínú fọ́tò, pé ìdáhùn A sí D lòun fi wá a, àti pé òun gbà pé òdo ni ìdọ́gba náà parí sí. Tíṣà tó bá ka gbólóhùn yẹn á mọ ibi tí yóò wò bí ìdáhùn kò bá bá tirẹ̀ mu.

Ẹ ó tún rí i pé mo wo bóyá ìdáhùn kan gé lábẹ́ D. Kò sí, torí ìbéèrè 49 ló tẹ̀ lé e gbágbáágbá. Ó yẹ kéèyàn máa wò ó, torí ìdáhùn mẹ́rin ni WAEC máa ń fi sílẹ̀ fún yíyàn nínú máàsì, ṣùgbọ́n márùn-ún ni ti NECO, láti A dé E. Bí ìwé tí a yà bá tẹ̀ lé ìlànà NECO tí E rẹ̀ sì gé, yíyọ àwọn yòókù kúrò kò ní dá wa lójú mọ́, torí ó lè jẹ́ E tí a kò rí ni ìdáhùn.

Ìbéèrè 49 ni èyí tí mo ní kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Obìnrin kan ra àpò ìrẹsì ní ₦60,000, ó sì tà á ní èrè pásẹ́ǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, lẹ́yìn náà ìwé gé. Èló ló tà á? Ìdáhùn tí wọ́n kọ ni A ₦66,000, B ₦67,200, C ₦69,000, D ₦72,000. Ọmọ yín lè sọ pé ọgbọ́n tí a dá sí 48 náà ni òun máa dá síbí. Kó dán an wò. D jẹ́ èrè pásẹ́ǹtì 20, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ó ti jáde. Èrè pásẹ́ǹtì 1 gédégédé ì bá jẹ́ ₦60,600, kò sì sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n A jẹ́ pásẹ́ǹtì 10, B jẹ́ 12, C jẹ́ 15. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ààyè kan náà sì ni nọ́ńbà kejì wọn yóò gbà lójú ìwé. Wíwọ̀n kò lè yà wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ìbéèrè náà mọ̀ọ́mọ̀ to ìdáhùn rẹ̀ kó lè jẹ́ pé èyíkéyìí lè tan ọmọ tí kò bá ka pásẹ́ǹtì náà dáadáa.

Ẹni tó bá fi 10 dí i torí pé 10 rọrùn láti ṣe, ìbéèrè tirẹ̀ ló dáhùn, kì í ṣe ti tíṣà. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó fi lẹ́tà dúró fún pásẹ́ǹtì tí kò hàn, kó pè é ní k, kó ṣe ìṣirò náà tán:

```
iye tó tà á = 60000 + (k/100) × 60000
            = 60000 + 600k
```

Lábẹ́ rẹ̀, kó kọ pé bí k bá jẹ́ 10, A ni. Bó bá jẹ́ 12, B ni. Bó bá jẹ́ 15, C ni. Kó má fa ìlà sábẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Iṣẹ́ tí tíṣà fẹ́ rí, ìyẹn ni pé ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè, ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó bá wo ìwé ẹlòmíì tó rí pásẹ́ǹtì náà, kó kàn fi í sípò k, ó parí.

Ìbéèrè 50 kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwòrán òbìrìkítí ló gé, ìlàjì rẹ̀ kò hàn, ìyẹn ló sì máa ń dẹ́rù ba ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà pé: A, B àti C wà létí òbìrìkítí tí àárín rẹ̀ jẹ́ O, igun ACB jẹ́ 40°, kí a wá igun AOB. Igun tó wà ní àárín jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà létí, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dúró sórí A àti B kan náà. 80° ni. Kó fọwọ́ ya àwòrán tirẹ̀, kó fi àwọn lẹ́tà sí i bí ọ̀rọ̀ ṣe wí, kó sì tẹ̀ síwájú. Ì bá yàtọ̀ bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn kọ pé kí a wá igun tí wọ́n fi x sàmì sí nínú àwòrán. Nígbà náà, inú àwòrán ni ìbéèrè wà, bí àwòrán bá sì gé, ìbéèrè ti lọ nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó ti ọmọ náà dáadáa ni ìbéèrè tíọ́rì àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ló ti lè rí máàkì tó pọ̀ jù láìmọ ohun tó gé. Àtẹ kan ni, ó sọ máàkì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 40 gbà nínú ìdánwò kékeré kan. Iye 40 yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àtẹ, ó hàn ketekete. Nínú àtẹ, ohun tó hàn nìyí:

```
Máàkì:            1    2    3    4
Iye akẹ́kọ̀ọ́:       4    7   12    9
```

Lẹ́yìn òpó 4 ni ìwé gé. Wọ́n ní kí a wá (a) máàkì tí àwọn tó gbà á pọ̀ jù, tí àwọn ọmọ ń pè ní móòdù; (b) mídíánì, ìyẹn máàkì ẹni tó bọ́ sí àárín bí a bá to gbogbo wọn láti orí ẹni tó kéré jù; (d) mínì, ìyẹn àròpọ̀ gbogbo máàkì tí a pín sí iye akẹ́kọ̀ọ́.

Kó kọ́kọ́ ro èyí tó hàn pọ̀. 4, 7, 12 àti 9 jẹ́ 32. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 ni wọ́n, ó ku 8 tó wà níbi tó gé. Kò tíì mọ máàkì tí àwọn 8 náà gbà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọn kò ju 8 lọ, ó sì mọ̀ pé máàkì wọn ju 4 lọ, torí láti kékeré lọ sí ńlá ni wọ́n to àtẹ náà. Ohun méjì péré yìí ti tó.

Ní ti (a), àwọn 12 ló gba máàkì 3. Bí gbogbo àwọn 8 tó gé bá tilẹ̀ gba máàkì kan náà, 8 kò tó 12. Móòdù jẹ́ 3, ohun tó gé ì báà jẹ́ òpó kan tàbí méjì tàbí mẹ́ta. Ní ti (b), nínú ènìyàn 40, ẹni ogún àti ẹni kọkànlélógún ló wà láàárín. Kó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn 4 àkọ́kọ́ gba 1, títí dé ẹni kọkànlá gba 1 tàbí 2, títí dé ẹni kẹtàlélógún gba 3 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni ogún àti ẹni kọkànlélógún wà láàárín àwọn tó gba 3. Mídíánì jẹ́ 3. Àwọn 8 tó gé wà ní ìdí ìlà, wọn kò lè dé àárín. Ìdáhùn méjèèjì yìí pé, kò sì yẹ kó fi àmì `[ ]` kankan sí wọn, torí kò sí ohun tó gbà láìrí.

(d) nìkan ló ní ẹjọ́. Àròpọ̀ máàkì àwọn 32 tó hàn jẹ́ 4 + 14 + 36 + 36, ìyẹn 90. Bó bá jẹ́ òpó kan ló gé, máàkì 5 ló wà nínú rẹ̀, àwọn 8 náà ni wọ́n gbà á, ó fi 40 kún un, ó di 130. Bí a bá pín in sí 40, ó jẹ́ 3.25. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òpó méjì ló gé, 5 àti 6, tí àwọn 4 gba 5 tí àwọn 4 sì gba 6, 134 ni àròpọ̀ yóò jẹ́, mínì á di 3.35. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó gba 6 ló pọ̀ jù, yóò tún lọ sókè sí i, títí kan 3.45 bí gbogbo wọn bá gba 6. Nítorí náà, iye òpó tó gé ni a gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ibí ni wíwọ̀n tí a wọn etí ìwé ti wúlò. Mo ní lẹ́tà mẹ́fà ló gé lókè àtẹ náà. Kó wo ìwọ̀n òpó kan nínú àtẹ, láti ìlà òpó 3 dé ìlà òpó 4. Nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, ó fẹ̀ tó lẹ́tà márùn-ún. Òpó kan yóò gba inú ohun tó gé, òpó méjì kò ní gbà á, àfi bí àtẹ bá yọ kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí. Mo tún wo apá òsì bóyá òpó òdo wà tó gé níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìlà méjèèjì hàn pátá, òpó 1 ló sì tẹ̀ lé wọn. Èmi á kọ 3.25, mo sì máa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òpó kan ṣoṣo ni mo gbà pé ó gé, pé máàkì 5 ló wà níbẹ̀, àti pé 40 − 32 ni mo fi rí 8 tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà mọ èyí tó nílò ohun tó gé àti èyí tí kò nílò rẹ̀ ni pé kó fi nǹkan méjì tó yàtọ̀ pátápátá dí àlàfo náà, kó wá ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, bíi ti móòdù àti mídíánì yẹn, ó ṣeé ṣe kí àlàfo má kan ìdáhùn, kó wá wá ìdí rẹ̀ kó tó gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀, bíi ti àpò ìrẹsì, kò gbọ́dọ̀ kọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ bí ẹni pé ó rí i lójú ìwé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tíọ́rì kejì ni ìsàlẹ̀ ìwé gé mọ́. Àkàbà tó gùn ní mítà 13 gbára lé ògiri tó dúró ṣánṣán, ìdí rẹ̀ sì fi mítà 5 jìnnà sí ògiri ní ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ìlà tó yẹ kó sọ ohun tí a máa wá kò sí mọ́. Níbí, nọ́ńbà pé, iṣẹ́ tí wọ́n rán wa ló sọnù. Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè nínú irú rẹ̀: bí orí àkàbà ṣe ga tó lára ògiri, tàbí igun tí àkàbà fi bá ilẹ̀ ṣe. Kó ṣe méjèèjì, kó kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
gíga = √(13² − 5²) = √144 = 12 mítà
cos θ = 5/13,   θ = 67.38°
```

Kó fi igun náà sílẹ̀ ní 67.38° bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí a kọ ọ́ dé dígírì tó sún mọ́ ọn jù, 67° ni. Bó bá jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà kan lẹ́yìn àmì, 67.4° ni. Àṣẹ yẹn wà ní ìsàlẹ̀ tó gé, a kò sì lè fi ojú inú mọ̀ ọ́n. Ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè náà ní apá (b) tí a kò rí rárá, torí náà kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbéèrè yìí kò parí nínú fọ́tò.

Bí ẹ bá tún gba irú fọ́tò báyìí lọ́jọ́ mìíràn, gígé tí kò jọ gígé ni kí ẹ sọ́ra fún jù. Ti apá ọ̀tún máa ń hàn, torí ọ̀rọ̀ á já láàárín. Ti apá òsì lè fara pamọ́. Bí wọ́n bá kọ `−3x + 7 = 1`, x jẹ́ 2. Bí àmì ìyọkúrò bá bá etí ìwé lọ, ohun tí ọmọ yóò rí ni `3x + 7 = 1`, ìdáhùn rẹ̀ á sì jẹ́ −2. Méjèèjì ló jáde geerege, kò sì ní fura. Ohun tó lè ta á lólobó ni nọ́ńbà ìbéèrè: bí nọ́ńbà ìbéèrè kò bá hàn lápá òsì, tàbí ìlàjì rẹ̀ gé, kí ó má gbà pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìlà náà pé.

Ti ìsàlẹ̀ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, pàápàá bí ìdá bá wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ x + 4 sókè, tí 3 wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní ó dọ́gba pẹ̀lú 5, x jẹ́ 11. Bí ìwé bá gé lábẹ́ ìlà ìdá náà, 3 ti lọ nìyẹn, ọmọ á kà á sí `x + 4 = 5`, yóò sì kọ 1. Ojú ni kó fi wo ibi tí àmì dọ́gba dúró sí. Nínú ìlà tí kò ní ìdá, àmì dọ́gba àti lẹ́tà máa ń dọ́gba ní gíga. Bí lẹ́tà bá ga sókè, tí àmì dọ́gba sì wà nísàlẹ̀ wọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ibi tó gé, ìdá ló wà níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tí àwọn òbí máa ń fẹ́ràn ni pé kí ọmọ lọ wá ìbéèrè náà nínú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba. Ó lè rí èyí tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìwé mọ́ọ̀kì sábà máa ń mú ìbéèrè àtijọ́, wọ́n á yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá rí àpò ìrẹsì tí wọ́n tà ní èrè pásẹ́ǹtì 15 nínú ìwé kan, kó wo bóyá ₦60,000 àti ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ìbéèrè yẹn, kó má gba pásẹ́ǹtì rẹ̀.

Ohun tó kù ni kó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tún un yà, kó sì sọ ohun tó fẹ́ gan-an, torí bó bá kàn ní “tún un yà fún mi”, ó ṣeé ṣe kó tún gé níbi kan náà. Kó ní kó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì níbi tí iná tàbí oòrùn ti mọ́lẹ̀, kó dá fóònù dúró lókè rẹ̀ gbọọrọ, kó sì jẹ́ kí igi tábìlì hàn yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé ká. Bí ojú ìwé kò bá gba inú fọ́tò kan, kó ya òkè lọ́tọ̀, kó ya ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìlà méjì tàbí mẹ́ta hàn nínú méjèèjì. Bí ọ̀rẹ́ náà kò bá ráyè, ìwọ̀nba ohun tí ọmọ yín nílò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣeé kọ ní ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò tilẹ̀ nílò fọ́tò: “Jọ̀ọ́, kí ló kẹ́yìn ìdọ́gba inú 48? Pásẹ́ǹtì mélòó ni èrè 49? Máàkì mélòó ló kẹ́yìn nínú àtẹ, ènìyàn mélòó ló gbà á? Kí ni wọ́n ní ká wá nínú ìbéèrè àkàbà?”